Ẹ̀gbọ́n mi tí a ti ń bára wa yodì pàdánù ìyàwó rẹ̀. Kí ni kí n kọ sí i?

Ọmọ_Ìkọ̀lé (ọjọ́ Àìkú, àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì. Kò tíì pé ẹni ọdún 50, ìyá tó bí i sì wà láyé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń yodì láti ọdún mélòó kan nítorí ilẹ̀ bàbá wa ní Ìkọ̀lé, èyí tó wà lẹ́bàá ọgbà yunifásítì. Kí n má purọ́, ẹnu ìyàwó yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Adó ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi lórí Wásáàpù kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ohun tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

«Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọ̀dọ̀ àjèjì ni mo ti gbọ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ̀rọ̀ mọ́, tí ẹ kò sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ara wọn kò yá, ọmọ ìyá ni wá. Mo ti dárí jì yín, mo sì ti dárí ji ìyàwó yín náà. Aya tí kò lẹ́gbẹ́ ni wọ́n, ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó lè yí ìfẹ́ Ọlọ́run padà. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, ká di ọ̀kan. Kí ló tiẹ̀ ṣe wọ́n? Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́, ẹ sì pè mí bí ẹ bá ti ka èyí.»

Bọ̀dá_Ìyìn

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ìgbà wo ni Yorùbá ti ń fi fóònù kí ọmọ ìyá ẹni kú ọ̀fọ̀ ìyàwó? Láti Adó dé Ìkọ̀lé kò jìnnà. Ẹ wọ mọ́tò, ẹ délé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sunkún. Ìjà parí nìyẹn. Ìwé tí ẹ fẹ́ kọ yìí, ẹ ó kàn fi da ọ̀rọ̀ rú ni.

Ìyá_Oníyán

Bọ̀dá, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìkọ̀lé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ní tèmi o, oúnjẹ ló ń sọ̀rọ̀ nílé ọ̀fọ̀. Ẹ se ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó dáa sínú kúlà ńlá, ẹ fi rán ọmọ kan, kí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé tí èrò bá kún, ta ló ráyè dáná níbẹ̀? Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kò bínú mọ́.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ọmọ_Ìkọ̀lé, ẹ kú ọ̀fọ̀, nítorí ọ̀fọ̀ tiyín náà ni. Mo ṣe akọ̀wé ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lápá Ìjerò. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà ìbánikẹ́dùn fún àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn kò ríran mọ́, mo sì máa ń rí bí ojú wọn ṣe ń yí padà bí mo bá ṣe ń kà á. Olóòkú kì í ka lẹ́tà ẹni tí wọ́n jọ ń yodì bó ṣe ń ka ti ọ̀rẹ́. Ti ọ̀rẹ́, á gbà á lódindi, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ kúlẹ̀ tó. Ti ẹni tí wọ́n jọ ń jà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yẹ̀ wò, tinú tẹ̀yìn. Torí náà ẹ jẹ́ ká ka tiyín bí ẹ̀gbọ́n yín yóò ṣe kà á.

Ẹ ní ọ̀dọ̀ àjèjì lẹ ti gbọ́, ẹ tún ní wọn kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ara ìyàwó wọn kò yá. Ẹjọ́ lẹ ń rò yẹn. Bóyá ẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn títí tó fi kú mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn tó pè, kò sì lágbára láti ṣàlàyé báyìí.

Ẹ ní ẹ ti dárí jì wọ́n. Ẹni tí a bá dárí jì, a ti dá a lẹ́bi ná. Ẹ ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ náà, ẹ sì dá a fún ara yín. Ti ìyàwó ló tiẹ̀ le jù, nítorí kò sí láyé mọ́ láti sọ pé òun kò jẹ̀bi.

Ẹ wá ní kò lẹ́gbẹ́, pé gbogbo ayé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tó bá ti ka èyí ni yóò ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni àbúrò mi ń wá, ìlà tó sì tẹ̀ lé e máa fún un lésì: ilẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá fi lè wọnú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, kódà kó jẹ́ pé ẹ ń sọ pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀, ohun tí wọ́n máa rántí nínú lẹ́tà náà nìyẹn.

«Ìfẹ́ Ọlọ́run» ńkọ́? Lẹ́nu ọ̀rẹ́, ìtùnú ni. Lẹ́nu ẹni tí ẹ jọ ń jà, ó lè dún bí ẹni ń sọ pé Ọlọ́run ti dá ẹjọ́. «Kí ló ṣe wọ́n» náà, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Níkẹyìn, ẹ bu iṣẹ́ lé wọn lórí: kí wọ́n fi àkáǹtì ránṣẹ́, kí wọ́n tún pè yín. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ Ẹtì ò ṣetán láti ṣètò ìpàdé àlàáfíà lọ́jọ́ Àìkú.

Bí a bá yọ gbogbo ìyẹn, ohun tó kù ni «ẹ kú ọ̀fọ̀» àti «ọmọ ìyá ni wá». Ó dáa. Orí ìyẹn la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Hẹ̀n-ẹ́n. Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín ta mí lára díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Kí wá ni mo lè sọ nípa obìnrin náà tí kò ní jẹ́ irọ́? Nítorí bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ò ní dùn.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Kì í ṣe gbogbo òótọ́ ni a ń béèrè. Ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹ fojú ara yín rí, tí ẹ̀gbọ́n yín náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwà bí «oníwà tútù» tàbí «aláàánú», nítorí ìdájọ́ ni ìyẹn, ẹni tó bá ń jà sì lè jiyàn rẹ̀. Ẹ mú ohun tí wọ́n ṣe. Ṣé wọn ò ṣe nǹkan kan rí fún ìyá yín? Ṣé wọn ò fún yín lórúkọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ilé yín? Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tí a ti ń jà, orúkọ yẹn ni wọ́n fi bú mi.

Àti pé nígbà tí ìyá wa dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ wọn. Èmi wà ní Èkó nígbà náà.

Ìyá_Oníyán

Ó tán. Lẹ́tà ti jáde.

Ará_Ẹfọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí èmi ni irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ìyàwó mi kú, bàbá ìyàwó mi àti èmi kò sì sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó. Ẹ ò lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà bí ẹ bá wà níta.

Èkíní, fóònù mi kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà fún ọjọ́ mélòó kan. Òun ló ń gbé ìpè, òun ló ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ, ó sì ń kà á sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá kọ sí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ gbà pé àwọn ọmọ rẹ̀ máa kà á, àwọn ẹbí ìyàwó náà sì máa gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àṣírí kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Èkejì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ́ sọ níbí. Nígbà tí ẹni tí kò tíì dàgbà bá kú lójijì, ilé máa ń wá ẹni tí wọ́n máa dì í mọ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ẹ mọ ìyókù. Ẹni tó bá olóògbé jà gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́ o, ṣùgbọ́n mo jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nípa èèyàn. Màmá Oníyán, oúnjẹ tí ẹ ní kí wọ́n sè yẹn, bí ìrònú bá ti rí báyìí nílé náà, inú igbó ni wọ́n máa dà á sí. Bọ̀dá Ìyìn, ẹkún tí ẹ ní kí wọ́n lọ sun yẹn náà, àwọn kan máa ní ẹkún ojú ayé ni.

Bọ̀dá_Ìyìn

Ṣé kí obìnrin náà wá jókòó sí Adó ni? Bí kò bá lọ, wọ́n á tún ní ojú ń tì í nítorí ohun tó ṣe. Èèyàn ò mọ èyí tí ì bá ṣe.

Ará_Ẹfọ̀n

Kí ó lọ. Mi ò sọ pé kí ó má lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dé, kí ó tó dé fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa bá a níwájú ilé láìrò tẹ́lẹ̀ níbi tí gbogbo ojú wà. Bí ó bá sì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kó jẹ́ tútù: ìrẹsì nínú àpò tí wọn kò tíì tú, omi inú ọ̀rá, tàbí kí ó san owó àga àti kánópì fún ẹni tó ń yá wọn. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù àga.

Ìyá_Oníyán

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé kí ó jẹ́ tútù. Ó kàn dùn mí ni.

Àkọ́bí_Òmùò

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bàbá mi fi ìyá mi sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Wọ́n kú lóṣù tó kọjá, àgbàlagbà ni wọ́n. Àwọn àbúrò mi lọ́dọ̀ ìyá kejì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àkọ́bí sínú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n fi àpẹẹrẹ kan ránṣẹ́ sí mi: «Bàbá mi, akọni mi, ẹni tó fà mí lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà». Wọn ò fà mí lọ́wọ́ rí. Ṣé kí n kọ̀ ni?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Àkọ́bí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀, nítorí gbogbo èèyàn ló máa ka ìwé ètò, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má kọ̀, nítorí bí orúkọ àkọ́bí kò bá sí níbẹ̀, àlàfo yẹn ni ìlú máa kà. Ẹ má sì kọ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí kò ṣeé jiyàn: ìlú tí wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ohun kan tí wọ́n ṣe tó ṣì wà nílẹ̀, pé ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn. Lẹ́yìn náà ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú wọn, nítorí òótọ́ ni ìyẹn náà. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹni tó bá mọ ìtàn yín yóò rí i pé ẹ kò purọ́, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kò ní rí nǹkan kan tó gbé e lójú.

Alfa_Ọ̀yẹ́

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo mọ̀ pé ó jọ pé Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ń kà á tó jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó mọ̀ pé ọjọ́ tiwa yàtọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni a máa ń sìnkú bí ó bá ṣeé ṣe, ọjọ́ 3 sì ni ìbánikẹ́dùn, àfi ẹni tí kò sí nílé tàbí tí kò tètè gbọ́. Nítorí náà kò sí àyè láti máa kọ ọ́ kí a máa pa á rẹ́. Ànábì sì ti sọ ọ́ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí bá arákùnrin rẹ̀ yodì ju ọjọ́ 3 lọ, èyí tó sì dára jù nínú àwọn méjèèjì ni ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ìkejì. Kíkí nìkan ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀ o, ẹjọ́ kọ́.

Bọ̀dá_Ìyìn

Alfa, ẹ ṣeun. Ohun tí mò ń sọ láti òwúrọ̀ nìyẹn.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Kì í ṣe ohun tí ẹ ń sọ láti òwúrọ̀ nìyẹn, Bọ̀dá, ṣùgbọ́n a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Alfa tó kan Ọmọ_Ìkọ̀lé. Ní tàwa Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, ìyẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ pé àyè ṣì wà. Lẹ́tà ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta dé bí ìbánikẹ́dùn. Bó bá di ọ̀sẹ̀ ìsìnkú kó tó dé, ó máa jọ pé ẹ ń wá ibi tí ẹ máa jókòó sí. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ lónìí.

Ọmọ_Ìkọ̀lé (ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ wo èyí:

«Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gbọ́ pé Ìyá Ìbejì ti lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé wa ni wọ́n ti ń pè mí ní Eyínfúnjowó, kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Màámi wà lórí àìsàn, àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ wọn. Mi ò gbàgbé. Ọlọ́run yóò tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú, yóò tu ìyá tó bí wọn náà nínú, kò sì ní fi irú rẹ̀ gbà mọ́. Mo máa fi ìrẹsì àti omi rán ẹnì kan wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò pọn dandan kí ẹ dá mi lóhùn. Àbúrò yín, Eyínfúnjowó.»

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ọwọ́ yín ti balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní sí i: ẹ má fi Eyínfúnjowó sí ìsàlẹ̀. Orúkọ yẹn, obìnrin tó kú ló ni í. Bí ẹ bá ròyìn pé wọ́n ń pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ ń dúpẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fi pe ara yín níwájú ọkọ rẹ̀, pàápàá tí ẹ ní ó ti fi bú yín rí, ó lè dàbí ẹ̀gún. Orúkọ tí ìyá yín fún yín ni kí ẹ kọ.

Mo fẹ́ràn pé ẹ rántí ìyá tó bí i. Èèyàn máa ń gbàgbé wọn. Bí ìyá bá wà láyé, ẹ má jẹ́ kí àwọn àdúrà òkú àgbà bọ́ sínú lẹ́tà, bíi «ẹ kú ìnáwó» tàbí «ọmọ ni yóò sin wá». Lójú ẹni tó ń sin ọmọ, ọ̀bẹ ni.

Ará_Ẹfọ̀n

Ó dára. Àmọ́ èmi máa ta ko Tíṣà níbì kan. Lẹ́tà yìí kò sọ ohunkóhun nípa ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín wọn. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà, màá ní: ṣé ó fẹ́ ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan ni? Nígbà tí bàbá ìyàwó mi kọ̀wé sí mi, ìlà kan tí mo kà lákàtúnkà ni èyí tí wọ́n ti sọ pé «mo mọ̀ pé ohùn mi ṣàjèjì sí ọ». Wọn ò sọ ẹni tó fà á. Wọ́n kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn mọ̀.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀rù ló ń bà mí nítorí ilẹ̀. Láti orí ìdákẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ kan péré ló kù dé orí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ̀yin lẹ sì jókòó sípò ẹni tó gbà á. Bí yóò bá wọlé, kó jẹ́ ìlà kan, ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹlẹ́bi má sí nínú rẹ̀: «Ó pẹ́ tí ẹ ti gbọ́ ohùn mi gbẹ̀yìn.» Ẹ má fi «bó tilẹ̀ jẹ́ pé» bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó bá ti tẹ̀ lé «bó tilẹ̀ jẹ́ pé» ló ń di ẹjọ́.

Bọ̀dá_Ìyìn

Èmi ò ní fi sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ iye ọjọ́ tí wọn kò ti sọ̀rọ̀, kò nílò ẹni tó máa rán an létí.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Mo fi sí i, bí Tíṣà ṣe kọ ọ́. Mo ti fi ránṣẹ́. Mo fi orúkọ mi gan-an parí rẹ̀. Àwọn ẹbí kan ń pè mí pé kí n gbé àwòrán olóògbé sórí Sítátọ́ọ̀sì mi, kí n sì kọ̀wé sí ojú òpó ẹbí.

Ará_Ẹfọ̀n

Àwòrán, rárá o. Ẹni tó bá mọ ìtàn yín á ní ẹ ń sunkún fún ayé rí. Ní ti ojú òpó ẹbí, ẹ ti kọ tiyín sí ẹ̀gbọ́n yín tààrà, ìyẹn sì ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ kí wọn níbẹ̀ ní ìlà kan bí àwọn yòókù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì délé tí ìwé ìbánikẹ́dùn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ìlà kan náà ni, orúkọ yín, àti Adó-Èkìtì. Àwọn àlejò tó bá ń kọ tiwọn máa ń ka ti ẹni tó ṣáájú.

Ọmọ_Ìkọ̀lé (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ìrẹsì àti omi ti dé. Ẹni tó gbé e lọ ní ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé ṣùgbọ́n kò jáde. Lórí fóònù, ó ti hàn pé wọ́n ti ka ohun tí mo kọ láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìdáhùn kò sì wá. Àfi òwúrọ̀ yìí tí ẹnì kan kọ ọ́ láti orí nọ́ńbà kan náà pé: «A ti rí i, ẹ ṣé, Àǹtí.» Ẹ̀gbọ́n mi kì í pè mí ní Àǹtí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ni. Ṣé kí n béèrè bí bàbá wọn ṣe wà?

Bọ̀dá_Ìyìn

Ẹ béèrè! Ilẹ̀kùn ló ṣí yẹn.

Ará_Ẹfọ̀n

Ẹ má béèrè nǹkan kan nípa bàbá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin sì fẹ́ sọ ọ́ di ìránṣẹ́ láàárín àgbà méjì tó ń jà. Ẹ kí i fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ti ń tún ṣe láti ọjọ́ Àìkú, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí pé àwọn ọmọ náà ní ọ̀fọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sì kàn wọ́n.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Òótọ́ ni. Ẹ sì má kọ ọ́ pa pọ̀ nítorí pé ìbejì ni wọ́n. Kí oníkálùkù gba tirẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n «ṣe bí ọkùnrin» tàbí kí wọ́n «jẹ́ ìyá fún bàbá wọn». Ọjọ́ orí wọn ńkọ́?

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Ọdún 16. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Táyé ló kọ̀wé, mo rò bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé kò ní fóònù tirẹ̀.

Ìyá_Oníyán

Ẹ kọ ti Kẹ́hìndé sórí bébà, kí ẹ fún ẹni tó máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ obìnrin máa fẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Àkọ́bí_Òmùò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo tún já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo ti kọ tèmi: «Òmùò ni wọ́n bí bàbá mi sí. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe. Àpótí ìjókòó tí wọ́n kàn ṣì wà nílé ìyá mi, òun ni mo jókòó lé kọ èyí. Èmi ni àkọ́bí wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àbúrò mi àti ìyá wọn tó tọ́jú wọn dópin.» Àbúrò mi ní ó ti kéré jù, pé kí n fi «bàbá rere» kún un.

Bọ̀dá_Ìyìn

Ẹ fi kún un. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, kí ni ó máa yọ lára yín? A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Kò sọ ọ́ láìdáa. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kí ó kọ «bàbá rere» sínú tirẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.